Ẹ̀bùn Ọjọ́ Olólùfẹ́: Ẹ Ra Àdìrẹ, Ṣùgbọ́n Ẹ Yí I Wo Kí Ẹ Tó Sanwó

Bí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Èrèlé bá ti ń kan ilẹ̀kùn, gbogbo ìsọ̀ a pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Tẹ́dì pupa, òdòdó pupa, páálí pupa tí wọ́n kó ṣokoléètì sí, àti káàdì tó ń kọrin bí èèyàn bá ṣí i. Owó wọn náà a gbéra sókè. Tó bá di ọjọ́ kejì, ọjà kan náà tí ọlọ́jà ń fi ẹnu gbọ̀ngbọ̀n dá owó lé lánàá, yóò máa bẹ èèyàn kó wá gbé e ní ẹ̀dínwó. Òdòdó ti rọ, ṣokoléètì ti tán, ohun tó kù kò ju tẹ́dì tó ń gba eruku sára lọ.

Ìmọ̀ràn tí mo ní fún ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀bùn fún olólùfẹ́, fún òbí tàbí fún ọ̀rẹ́ lọ́dún yìí kò gùn: ẹ ra àdìrẹ, ẹ tètè rà á kí oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó parí, kí ẹ sì ka owó ìránṣọ mọ́ owó aṣọ. Ẹni tí ẹ bá fún yóò lò ó títí, ẹni tó ṣe é yóò jẹun níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń fi owó kún un nítorí ọjọ́ olólùfẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ò ju pé ayédèrú ti gba ọjà kan. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò yóò fi owó iṣẹ́ ọwọ́ ra aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀.

Irú àdìrẹ tó wà lọ́jà

Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni ojúkò ọjà àdìrẹ. Àwọn aláró Òṣogbo àti Ìbàdàn náà kì í ṣe kékeré. Ibi yòówù kí ẹ dé, oríṣi mẹ́rin ni ẹ óò máa rí, èyí tí ẹ bá sì mọ̀ nínú wọn ni ẹ lè yàn fún èèyàn yín.

Èkíní ni àdìrẹ oníko. Wọ́n á fi ìko tàbí òwú di ara aṣọ funfun ní koko, nígbà mìíràn wọ́n á di òkúta wẹ́wẹ́ tàbí kóró èso sí i nínú, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ìko fún mọ́ kò ní gba aró, òun ló máa ń di àmì roboto funfun. Òṣùbàm̀bá, tó ní òṣùpá ńlá láàárín àwọn ìràwọ̀ kéékèèké, wà lára èyí tí àwọn ìyá mọ̀ jù. Èkejì ni àdìrẹ alábẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni wọ́n fi ń rán an, wọ́n á fa òwú náà kí aṣọ lè súnkì, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á wá fi abẹ tú òwú kúrò.

Ẹ̀kẹta ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sè ni wọ́n ń fi ya iṣẹ́ sára aṣọ. Àwọn kan ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà á lọ́wọ́, àwọn kan ń gbé páànù tí wọ́n ti gé iṣẹ́ sí lára lé aṣọ, wọ́n á sì fi ẹ̀kọ nu orí rẹ̀. Ibẹ̀ ni Olókun ti wá, ibẹ̀ náà ni Ìbàdàndùn, tí àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀, àti Olóba, èyí tí wọ́n ṣe ní 1935 nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, Jọ́ọ̀jì Karùn-ún, pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́. Ẹ̀kẹrin ni ti ìda àbẹ́là. Ìda gbígbóná ni wọ́n ń tẹ̀ sára aṣọ pẹ̀lú fóòmù tí wọ́n gé, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á sì fi omi gbígbóná yọ ìda kúrò. Èyí ló pọ̀ jù ní ìsọ̀ lónìí, òun ló sì ń ní àwọ̀ oríṣiríṣi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní kàǹpálà.

Nípa aró, ewé ẹ̀lú ni tàtijọ́. Wọ́n á gún un, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sì rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan nínú ìkòkò. Lónìí, aró oníyẹ̀fun, kọ́sítíìkì sódà àti hàídírò ni ọ̀pọ̀ ń lò, nítorí ó yá. Ẹ má torí ìyẹn sọ pé ayédèrú ni. Iṣẹ́ ọwọ́ ṣì ni. Àmọ́ ẹ mọ ìyàtọ̀, nítorí tí ìyá aláṣọ bá ní ẹ̀lú gidi ni, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ti aró oníyẹ̀fun lọ. Bí aṣọ bá ti inú aró ẹ̀lú jáde, àwọ̀ ewé ló máa ń ní, afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù. Ìrìbọmi kan kì í mú un dúdú tó. Wọ́n á rì í, wọ́n á fẹ́ ẹ, wọ́n á tún rì í, títí yóò fi dúdú. Ìdí nìyí tí èyí tó dúdú kirikiri fi máa ń wọ́n ju èyí tó fẹ́lẹ́ lọ.

Bí ẹ ṣe máa mọ gidi yàtọ̀ sí títẹ̀

Àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè ń fi ẹ̀rọ tẹ irú Olókun àti irú oníko sára aṣọ, wọ́n sì ń kó o wọlé ní ẹdinwó. Lójú, ó jọ ọ́. Ẹ̀yìn aṣọ ló ń tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yí i wo. Aró tí aṣọ wọ̀ máa ń gba iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ẹ̀yìn bá funfun tàbí ó ràn bí ìwé tí wọ́n kọ nǹkan sí lójú kan, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ṣá o. Ojú kan péré ni wọ́n ń kun ẹ̀kọ sí lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ, nítorí náà iṣẹ́ ara rẹ̀ kì í hàn dáadáa lẹ́yìn, ẹ̀yìn náà lè jọ búlúù lásán. Gidi ni ìyẹn. Ẹ̀yìn tó funfun ni ká bẹ̀rù, kì í ṣe ẹ̀yìn tó búlúù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá iṣẹ́ kan náà ní ibi méjì lára aṣọ, kí ẹ fi wọ́n wéra. Ọwọ́ èèyàn kì í ṣe nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì gẹ́lẹ́. Ẹyẹ kan yóò sanra díẹ̀ ju èkejì, ìlà kan yóò tẹ̀, ẹ̀kọ yóò tán lójú ibì kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu bí owó bébà tó tuntun, ẹ fi í sílẹ̀. Lára oníko, ẹ fi ọwọ́ pa ojú àmì roboto náà, ẹ óò bá ìkájọ kéékèèké níbi tí wọ́n ti dì í. Lára alábẹ́rẹ́, ẹ gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀, ẹ óò rí ihò tín-ín-rín tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá.

Aṣọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òwú, nítorí aró kì í wọ pọ́líẹ́sítà bó ṣe yẹ. Ẹ bẹ ọlọ́jà kó fún yín ní fọ́nrán òwú kan láti etí aṣọ, kí ẹ ṣáná sí i. Òwú máa ń jó bí ìwé, eérú rẹ̀ yóò sì fọ́ lọ́wọ́. Pọ́líẹ́sítà máa ń yọ́, á di kókó dúdú tó le.

Ohun ìkẹyìn ni ti àwọ̀ tó ń jáde. Ẹ fi omi díẹ̀ sára áńkáṣíìfù funfun, kí ẹ fi nu orí aṣọ. Aró ẹ̀lú tuntun máa ń fi búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀, torí orí òwú ló dúró sí, kò wọnú rẹ̀ tán. Ìyẹn kò burú. Bí áńkáṣíìfù bá dúdú kirikiri, wọn kò ṣan aṣọ náà dáadáa ni, yóò sì máa ba aṣọ mìíràn jẹ́. Àdìrẹ pupa ni kí ẹ dán wò jù lọ, nítorí bí òun bá bá aṣọ funfun pàdé nínú báfù, gbogbo ilé ni yóò gbọ́. Lára ti ìda àbẹ́là, ẹ fọwọ́ pa á. Bí ó bá gan tàbí ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ìda ṣì wà níbẹ̀. Irú rẹ̀ yóò fi òróró sílẹ̀ bí áyọ́ọ̀nù bá kàn án.

Fún olólùfẹ́

Aṣọ tí kò bá ọ̀dọ̀ télọ̀ dé kì í pẹ́ di ohun àpótí. Bí ẹ bá ra yáàdì márùn-ún fún ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́bìnrin, tí ẹ wá fi owó ìránṣọ lé e lọ́rùn, gbèsè lẹ fún un. Ẹ san owó télọ̀ pẹ̀lú.

Ní ti ìwọ̀n, yáàdì márùn-ún ni àwọn obìnrin sábà máa ń fi rán ìró àti bùbá. Ọkùnrin tó sanra níwọ̀nba lè fi yáàdì mẹ́rin rán bùbá àti ṣòkòtò, èyí tó bá fẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì nìkan kò ní ju méjì àbọ̀ lọ. Fífẹ̀ aṣọ kò dọ́gba, nítorí náà ẹ bi télọ̀ kí ẹ tó rà á.

Bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu, ẹ má wá bọ́ sí ìdí títe tẹ́ẹ̀pù mọ́ ọ lára bó bá ń sùn. Ẹ mú bùbá rẹ̀ kan tó bá a mu gan-an, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí ẹ wọn èjìká, àyà, gígùn ara àti gígùn apá. Ìwọ̀n àyà tí ẹ bá rí ní títẹ́ ni kí ẹ pọ̀ sí ọ̀nà méjì. Tàbí kí ẹ mú bùbá náà fúnra rẹ̀ lọ bá télọ̀, kí ẹ sì dá a padà kí ó tó béèrè rẹ̀. Ní ti àwọ̀, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Àwọ̀ tí ó ń wọ̀ lọ sóde lóòrèkóòrè ni kí ẹ rà. Obìnrin tí kò ní aṣọ pupa kan kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í wọ pupa nítorí pé ọjọ́ kẹrìnlá Èrèlé dé.

Fún ìyá àti bàbá

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó dúdú, tó ní orúkọ, ni tí ìyá. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún á mọ Olókun tó bá rí i, ìyá Ìbàdàn á sì dá Ìbàdàndùn mọ̀ láìbéèrè. Ẹ má ṣe fi èyí tí wọ́n tẹ̀ lọ irú ìyá bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn aṣọ ni yóò kọ́kọ́ wò. Nínú ìdọ́gba tàtijọ́, ìlẹ̀kẹ̀ méjì aṣọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ yáàdì méjì àbọ̀ ni wọ́n ń rán pọ̀ di ìró kan. Ẹ̀bùn tó rọrùn nìyí, nítorí kò nílò ìwọ̀n ara. Ẹ kàn jẹ́ kí télọ̀ so méjèèjì pọ̀, kó ká etí rẹ̀.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí ìyá dá ìró tuntun náà pọ̀ mọ́ bùbá léèsì funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí búlúù wá gba ìdí léèsì. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó fún un, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ṣe fún un. Àwọn àgbà kì í bínú pé aṣọ tí a fi ta wọ́n lọ́rẹ ti kan omi, bí wọ́n bá mọ ìdí rẹ̀.

Bàbá tí kì í wọ àdìrẹ kò ní jẹ́ kí ẹ mú un ní dandan. Fìlà òfì ni kí ẹ wá fún un, pàápàá abetí-ajá, láti ọwọ́ àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn. Ẹtù, tó dúdú tó sì ní ìlà búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, kì í kọ agbádá kankan. Bí fìlà bá kéré, orí ni yóò máa fọ́ bàbá, bí ó bá tóbi, ojú ni yóò bò. Ẹ fi tẹ́ẹ̀pù yí fìlà rẹ̀ àtijọ́ ká nínú, kí ẹ mú iye ínṣì náà lọ fún alágbàṣe.

Fún ọ̀rẹ́

Ẹ̀bùn ọ̀rẹ́ ló gba ọgbọ́n jù, nítorí ọjọ́ yìí kì í ṣe ọjọ́ tí èèyàn ń fún ẹni tó kàn jẹ́ ọ̀rẹ́ ní ohun tó lè mú kí àwọn aládùúgbò máa tọ́ka. Ẹ má fún ọ̀rẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin ní aṣọ odindi tí ẹ ti rán, àfi tí ẹ bá ti jọ ń fún ara yín láṣọ tẹ́lẹ̀. Kékeré ló yẹ: ìborùn, àpò àdìrẹ, àpòrọ̀rí méjì, tàbí ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti rán sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti fọ aṣọ náà kí wọ́n tó rán an. Òwú máa ń súnkì díẹ̀ ní àkọ́fọ̀, nítorí náà èyí tó bá ń fún ẹni náà pinpin lónìí kò ní wọ̀ ọ́ lẹ́yìn àkọ́fọ̀. Bí wọn kò bá tíì fọ̀ ọ́, ẹ mú èyí tó fi ìwọ̀n kan tóbi sí i.

Ká ṣírò rẹ̀ papọ̀

Ká mú ọkùnrin kan ní Ìbàdàn, tó fẹ́ ra nǹkan fún ìyàwó rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, pẹ̀lú owó tí kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Kó kó owó náà jọ, kó pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá. Mẹ́ta fún yáàdì márùn-ún ìyàwó, méjì fún télọ̀, mẹ́ta fún ìró ẹlẹ́kọ ìyá, ọ̀kan fún ìborùn ọ̀rẹ́, ọ̀kan yòókù fún owó ọkọ̀ àti báàgì ìfiǹkan-sí. Ẹ óò rí i pé aṣọ ìyá gba ìpín kan náà pẹ̀lú ti ìyàwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ìránṣọ púpọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹlẹ́kọ ló fà á.

Ní ti àkókò, kó dé Ìtòkú ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Ṣẹ́rẹ́. Kó má rà nísọ̀ àkọ́kọ́ tó bá dé, kó kọ́kọ́ béèrè owó nísọ̀ mẹ́ta, kó sì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀yìn aṣọ, iná àti áńkáṣíìfù níbẹ̀, nítorí aṣọ tí wọ́n ti gé kì í padà. Bó bá délé, kó fọ gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, kó sá a síbi òjìji. Nígbà tó bá di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, kó gbé ti ìyàwó lọ fún télọ̀, kó sì ní kó parí rẹ̀ kí ọjọ́ keje Èrèlé tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ kan tó kù wà fún àtúnṣe, torí apá tó gùn jù tàbí ọrùn tó ṣí jù kì í ṣe ohun tí à ń bá ní ọjọ́ ọdún gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ kí aláró ya orúkọ tàbí iṣẹ́ pàtó sára aṣọ ní láti fi kún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, nítorí ẹ̀kọ gbọ́dọ̀ gbẹ, aṣọ sì gbọ́dọ̀ gba ìrìbọmi tó yẹ.

Bí ẹ ṣe máa fún un

Ẹ kọ ìtọ́jú aṣọ náà sórí ìwé kékeré, kí ẹ fi sínú báàgì. Omi tútù ni kí wọ́n fọ̀ ọ́, lọ́tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta àkọ́kọ́. Ọṣẹ tí kò le ni kí wọ́n lò, kò gbọ́dọ̀ sí bílíìṣì. Kí wọ́n sá a síbi òjìji, kí wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Àwọn kan á ní kí ẹ da iyọ̀ sínú omi kí àwọ̀ lè dì. Iyọ̀ kò lè dáwọ́ aṣọ tí wọn kò ṣan dáadáa dúró. Ohun tó ń ṣe é ni kí ẹ máa pààrọ̀ omi títí omi yóò fi mọ́.

Lórí ìwé kan náà, ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ tó wà lára aṣọ, ìlú tí wọ́n ti ṣe é àti orúkọ ìyá aláró tó bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tí ẹ fún yóò ní ohun tí yóò sọ tí wọ́n bá bi í níta, ìyá náà yóò sì ní oníbàárà tuntun.

Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ kẹtàlá Èrèlé bá yín lọ́jà. Ẹ lọ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ wo, kí ẹ sì san owó télọ̀.